Ẹ Jẹ́ Ká Pààrọ̀ Kọ́kọ́rọ́ Ná, Ká Tó Béèrè Ẹni Tó Jù Ú Síta

Ẹ rántí pé lóṣù tó kọjá, bọ́ọ̀tù Telegram tí ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà wa ṣe, èyí tó máa ń fi tàìmù-tébù ránṣẹ́ sí gúrúùpù SS2 lálaalẹ́, dákẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Àwọn kan ní dátà ló tán. Kì í ṣe dátà rárá. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ni mo fà á, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe jẹ́, nítorí òfin kan wà lára ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà wa tí mo rò pé ó yẹ ká yọ kúrò.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn iléèwé, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bọ̀dá mi ní Agbowó, mo gbé kóòdù bọ́ọ̀tù wa lọ sórí GitHub. Mo ṣí i sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè wò ó. Ká má purọ́, mo fẹ́ fi ṣe fáàrí díẹ̀. Mo gbàgbé pé tókìn bọ́ọ̀tù náà wà nínú ẹ̀, ní ìlà kan tó rí báyìí:

```
TOKEN = "1234567890:AA..."
```

Tókìn ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀tù. Nọ́ńbà bọ́ọ̀tù ló ṣáájú, àṣírí ló tẹ̀lé e. Telegram ò ní bi ẹni tó mú un wá pé ta ni ẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní in lè fi orúkọ bọ́ọ̀tù wa kọ̀wé sínú gúrúùpù wa, ó sì lè ka ohun tí àwa ń kọ sí bọ́ọ̀tù. Ẹ wo bí yóò ti rí ká sọ pé ẹnì kan fi tàìmù-tébù irọ́ ránṣẹ́ ní alẹ́ tí ìdánwò Maths ku ọ̀la!

Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo rí i. Mo sáré pa ìlà náà rẹ́, mo tún gbé kóòdù náà lọ. Mo wo ojú ìwé, ó mọ́ tónítóní, mo bá sùn.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Git kì í gbàgbé nǹkan, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é nìyẹn: gbogbo bí kóòdù ṣe rí tẹ́lẹ̀ ló ń tọ́jú. Ẹni tó bá gbé kóòdù wa sórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀, tó sì tẹ èyí:

```
git log -p
```

yóò rí ìlà tí mo pa rẹ́, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú ẹ̀, tókìn náà yóò sì pé pérépéré. Àwọn èèyàn sì wà tó ti kọ ètò tó ń ṣọ́ GitHub tọ̀sán-tòru, tó ń wá ohunkóhun tó bá jọ kọ́kọ́rọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ ilé yín bá bọ́ sílẹ̀ ní Dugbe, tí ẹnì kan mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́ kó tó dá a padà síbi tó ti bọ́, ṣé pé ẹ rí i he padà tó? Àgádágodo lẹ máa pààrọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, mo tan kọ̀ǹpútà iléèwé tí bọ́ọ̀tù náà ń lò, mo bá èyí lójú ẹ̀:

```
409 Conflict: terminated by other getUpdates request
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ibi méjì ló ń fi tókìn kan náà gba ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo ṣí bọ́ọ̀tù náà lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀. Mo bi àwọn méjì yòókù tó ní kóòdù náà, wọ́n ní àwọn ò ṣí i. Àyà mi já.

Mo lọ bá tíṣà kọ̀ǹpútà wa. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀?" Mo ní, "Mo ti pa á rẹ́, sà." Wọ́n ní, "Mi ò bi ẹ́ bóyá o pa á rẹ́."

Àwọn nìkan ló sì lè pààrọ̀ ẹ̀, torí fóònù wọn la fi dá bọ́ọ̀tù náà sílẹ̀. Wọ́n ṣí BotFather lórí Telegram, wọ́n kọ `/revoke`, wọ́n yan bọ́ọ̀tù wa, ó sì fún wọn ní tókìn tuntun. Ojú ẹsẹ̀ ni ti àtijọ́ kú. Sà ò gba ìyẹn gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi tókìn àtijọ́ sí àyè tó yẹ nínú àdírẹ́sì yìí, wọ́n ṣí i lórí fóònù:

```
https://api.telegram.org/bot<TOKEN>/getMe
```

Ìdáhùn tó jáde nìyí:

```
{"ok":false,"error_code":401,"description":"Unauthorized"}
```

Ìgbà náà ni wọ́n tó gbà pé ó ti kú. Wọ́n wá fi tókìn tuntun béèrè `getWebhookInfo`, láti mọ̀ bóyá ẹni náà ti júwe àdírẹ́sì tiẹ̀ pé ibẹ̀ ni kí Telegram máa kó ìwé wa lọ. Kò sí nǹkan níbẹ̀.

Bí a ṣe ní ká fi tókìn tuntun sínú kọ̀ǹpútà ni wọ́n mú iná lọ. Wọn ò mú un dé títí di àárọ̀ Ọjọ́rú. Ìdí tí bọ́ọ̀tù fi dákẹ́ nìyẹn. Telegram kì í jẹ́ kí tókìn méjì ṣiṣẹ́ pọ̀ fún bọ́ọ̀tù kan. Níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á, bíi AWS, ẹ máa ṣe tuntun, ẹ fi sí ipò, ẹ dán an wò, kẹ́ ẹ tó pa ti àtijọ́. Nísinsìnyí tókìn wa wà nínú fáìlì `.env`, orúkọ fáìlì náà sì wà nínú `.gitignore`. (Ẹ fi í síbẹ̀ kí Git tó mọ fáìlì náà o. Tó bá ti mọ̀ ọ́n, `.gitignore` ò ní ràn yín lọ́wọ́, àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lo `git rm --cached .env`.)

Ó yá, òfin ara ilẹ̀kùn. Ó ní ẹni tó bá jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ jáde yóò san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, kò sì ní wọ ẹgbẹ́ fún táàmù kan. Òfin yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé. Ká ní mo pe sà lálẹ́ ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tókìn yẹn ì bá fi wà lóde.

Ilé iṣẹ́ Toyota náà kéde irú ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ T-Connect fún ti fi apá kan kóòdù rẹ̀ sórí GitHub ní gbangba láti oṣù kejìlá ọdún 2017, kọ́kọ́rọ́ sáfà kan sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni wọ́n tó rí i, ọjọ́ 17 ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Àdírẹ́sì í-meèlì àwọn oníbàárà 296,019 ni kọ́kọ́rọ́ náà lè ṣí, wọn ò sì lè sọ pé ẹnikẹ́ni ò wọlé. Ọdún márùn-ún dín díẹ̀! Gígùn àkókò yẹn gan-an ni ewu náà.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní tí kò bá sí owó ìtanràn, a ó máa ṣe jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Èsì mi ni pé kí ẹni tó fi pamọ́ san án. Ẹni tó bá sọ fún sà kí ilẹ̀ tó mọ́ kò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni mo fi pamọ́, mo sì ti san tèmi. Àwọn sẹ́níọ̀ wa kan ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi Paystack sí ojú ìwé ìtajà. Kọ́kọ́rọ́ tìyẹn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `sk_live_`, ọ̀rọ̀ owó ni. Ẹni tó bá ju ìyẹn síta, ṣé ẹ fẹ́ kó máa ronú nípa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni?

Sà ti gbà pé ká pe àwọn nígbàkigbà, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Òfin àtijọ́ ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ẹgbẹ́ yóò dìbò lé e lórí lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìparí iléèwé. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọ̀rọ̀ mi lè lẹ èsì tiẹ̀ mọ́ abẹ́ ibí, àyè wà.