Kòkòrò Tó Ń Jẹ Bátìrì, Ara Bọ́ọ̀dù Ló Wà

Gbogbo ẹni tó ti dé ojúbọ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo láwọn ọdún àìpẹ́ yìí ló mọ bí omi náà ṣe pọ́n. Ọ̀pọ̀ ló ń tọ́ka sí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Èyí ló mú kí ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí omi ṣe dọ̀tí tó. Ó ní ká bá òun gbé e sí odò kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa ní Iléṣà. Wáyífáì ilé ni yóò máa gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ọjọ́ kìíní tí a gbé e síbẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi kú.

Ohun tí kálukú ń sọ ni pé ká ra bátìrì tó tóbi. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì wa gba 2400 mílíámpù-wákàtí. ESP32 tó wà nínú ẹ̀rọ náà ń jẹ nǹkan bí 120 mílíámpù bó bá lajú sílẹ̀ tí Wáyífáì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi 120 pín 2400, wákàtí 20 péré ni. Ṣùgbọ́n kí ló ń ṣọ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú? Bó bá jí fún ìṣẹ́jú àáyá 5 péré nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdá kan nínú 360 àkókò ló fi ṣiṣẹ́. Ohun tó ń jẹ yóò wá di 0.33 mílíámpù, bátìrì kan náà yóò sì lò tó 300 ọjọ́. Ní ti ẹ̀rọ yìí, oorun àsùnwọra kọ́ ni ọ̀lẹ, òun gan-an ni oúnjẹ.

Ọ̀rẹ́ wa kọ oorun náà sínú ẹ̀rọ, inú wa dùn. Lọ́jọ́ keje, ó tún kú.

Ìgbà yìí ló wá fi mítà sáàárín bátìrì àti bọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ̀rọ ń sùn. Mílíámpù 14 ni mítà kà! ESP32 ń sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná pupa kékeré orí bọ́ọ̀dù kò sùn, régúlétọ̀ kò sùn, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá okùn USB sọ̀rọ̀ náà kò sùn. Ó dà bí ilé tí baálé ti sùn tí àwọn àlejò ṣì ń jẹun. Ó yọ ESP32 kúrò lórí bọ́ọ̀dù yẹn, ó fún un ní régúlétọ̀ tí kì í jẹ púpọ̀, ó sì fi tìràǹsísítọ̀ pa iná sẹ́ńsọ̀ nígbà oorun. Mítà wá ka 0.05. Bí a bá rò ó pọ̀ mọ́ 0.33, ó lé ní oṣù 8 lórí ìwé. Oṣù 6 là ń retí, nítorí bátìrì fúnra rẹ̀ a máa rọ díẹ̀díẹ̀.

Ó ku ọ̀tá kan, ẹni tí gbogbo wa sì mọ̀ ni: NEPA. Bí wọ́n bá mú iná lọ, Wáyífáì ilé a kú. Ẹ̀rọ wa a jí, a máa wá Wáyífáì kiri, kò sì ní padà sùn títí iná yóò fi dé. Òru wákàtí 12 kan báyìí ń jẹ 1440, ó ju ìdajì bátìrì lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìwákiri ní òpin:

```
unsigned long t = millis();
while (WiFi.status() != WL_CONNECTED && millis() - t < 10000) delay(100);
// fi iṣẹ́ ránṣẹ́ bí Wáyífáì bá wà
esp_sleep_enable_timer_wakeup(30ULL * 60 * 1000000);
esp_deep_sleep_start();
```

Bí ìṣẹ́jú àáyá 10 bá kọjá, ó ń padà sùn. Ẹ fi `RTC_DATA_ATTR` ṣáájú ohun tí ẹ bá fẹ́ kó rántí, nítorí bí ẹni tuntun ló ń jí.

Oorun yìí ní ìdíyelé tirẹ̀: bí ẹrẹ̀ bá wọ́ kọjá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ kò ní rí i. Àwa fara mọ́ ọn. Ẹ̀ṣọ́ tó ń tòògbé ṣùgbọ́n tó ń jí lóòrèkóòrè fún oṣù 6 sàn ju èyí tó lajú kalẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n ra bátìrì ńlá fún òun, kó kọ́kọ́ sọ fún wa ohun tí mítà kà nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń sùn.