Ẹ Yọ Orúkọ Ìlú Náà Kúrò

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo apẹja kan ní Ayétòrò, létí òkun Ìlàjẹ. Ó lo Séptírìn. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹnu rẹ̀ bó, awọ ara rẹ̀ sì ń ṣí bí ti ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Àìsàn Stífìn-Jọ́nsìn nìyẹn: ó ṣọ̀wọ́n, ó sì ń pààyàn.

Nínú àṣàmọ̀ ìròyìn náà, iye ọjọ́ yẹn kò gbọdọ̀ sọnù, torí pé láàárín ọjọ́ 4 sí 28 ló sábà máa ń yọjú.

Ṣùgbọ́n "oògùn ló fà á" ti le jù. Lórí òṣùwọ̀n Náránjò tọdún 1981, máàkì 9 ló ń jẹ́ "ó dájú". Àtilo oògùn náà lẹ́ẹ̀kejì lè fi máàkì kún un, àmọ́ ó lè pa ọkùnrin náà. Ta ló máa dán an wò? "Ó jọ pé oògùn ni" ni ká kọ.

Ayétòrò ńkọ́? Ẹ yọ ọ́. Kọ "apẹja, ọmọ ọdún 34, Ayétòrò", gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n, bí o kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. "Etíkun Nàìjíríà" ti tó.