Abẹ́rẹ́ Kéré, Kì í Ṣe Mímì fún Adìẹ

Ìwé ọjà rírà kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ìwé náà. Àdìrẹ alábẹ́là ni ó ń ṣe ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, ìlú aró.

Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan gbé iṣẹ́ aṣọ ẹbí fún 40 ènìyàn wá bá a. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi ná aṣọ funfun nínú ọjà, títí ó fi rí owó díẹ̀ dá sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ po aró, ó ṣí ike háídírọ́ọ̀sì, ó sì rí i pé ó ti dì gbagidi bí iyọ̀ tí ó fa omi. Háídírọ́ọ̀sì ni ìyẹ̀fun funfun tí a ń dà sí omi gbígbóná pẹ̀lú kọ́sítíkì sódà kí aró lè yọ́, kí ó sì wọ inú aṣọ. Bí kò bá sí i, orí aṣọ lásán ni aró yóò dúró sí, omi ìfọṣọ yóò sì ṣàn án lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní in lọ́jọ́ náà. Kí ó tó rí i níbòmíràn, ọjọ́ àríyá ti kọjá, ó sì dá owó olówó padà.

Ó bi mí pé, “Àbúrò mi, ṣé ohun tí kò tó owó aṣọ kan ni ó da iṣẹ́ ńlá báyìí rú?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n wo ìwé tí ẹ ń kọ ọjà sí.”

Ọ̀gbẹ́ni Peter Kraljic ni ó la ọ̀nà tí mo lò sílẹ̀ nínú àròkọ kan tí ìwé ìròyìn Harvard Business Review gbé jáde ní 1983. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni ó kọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ó bá ìsọ̀ aláró mu. Ohun tí ó sọ ni pé kí a má fi ojú kan ṣoṣo wo gbogbo ohun tí à ń rà. Ìbéèrè méjì ni kí a bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: báwo ni owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa ti pọ̀ tó? Báwo sì ni ewu àìrí i ti pọ̀ tó? Ìdáhùn méjèèjì yóò pín ọjà sí igun mẹ́rin, igun kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà rírà tirẹ̀.

A kọ́kọ́ ka owó. Nínú gbogbo 100 náírà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ra ọjà, aṣọ funfun gba 60, aró ìyẹ̀fun gba 20, àbẹ́là gba 9, igi ìdáná gba 5, háídírọ́ọ̀sì gba 3, kọ́sítíkì sódà gba 2, ọ̀rá àti ìwé rìsíìtì sì pín 1 tí ó kù. Lẹ́yìn èyí ni a wá wọn ewu. Ènìyàn mélòó ni ó ń tà á nítòsí? Ǹjẹ́ ohun mìíràn lè rọ́pò rẹ̀? Bí kò bá sí lónìí, ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ lè fi máa lọ?

Aṣọ funfun gba owó púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń tà á pọ̀. Ibí yìí ni ọjà nínáná ti ní èrè. Kí ẹ̀gbọ́n mi bi oníṣòwò mẹ́ta, kí ó ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì lọ sọ́dọ̀ ẹni tí iye rẹ̀ rẹlẹ̀ jù. Ohun kan ni kí ó ṣọ́ra fún: ayédèrú aṣọ òwú. Kí ó fa fọ́nrán mélòó kan yọ, kí ó sì finá sí i. Òwú gidi yóò jó bí ìwé, yóò sì di eérú. Aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà lú yóò yọ́, yóò sì dì ní kókó, aró yìí kò sì ní mú un dáadáa.

Aró ìyẹ̀fun yàtọ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, ewu rẹ̀ náà sì pọ̀, nítorí pé àwọ̀ agolo kan lè má bá ti òmíràn dọ́gba, aṣọ ẹbí kò sì gbọdọ̀ ní àwọ̀ méjì. Ẹni tí ó bá ń tìtorí owó kékeré pààrọ̀ oníṣòwò ní ibí yìí ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ ni. Kí ó di oníṣòwò kan mú, kí ó sọ iye tí yóò nílò fún un ṣáájú Iléyá àti Kérésì, kí wọ́n sì jọ ṣe àdéhùn. Síbẹ̀, kí ó ti aṣọ pélébé kan bọ inú aró láti inú agolo tuntun kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Háídírọ́ọ̀sì ni ó wà ní igun tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí: owó kékeré, ewu ńlá. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí a má ná an jù, kí a wá oníṣòwò kejì, kí a sì ní èyí tí yóò tó iṣẹ́ oṣù kan nílẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè kó ti ọdún kan pamọ́. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ń ba agbára rẹ̀ jẹ́, bí omi díẹ̀ bá sì kàn án, ó lè gbóná títí yóò fi gbiná. Inú ike gbígbẹ tí ó ní ìdérí ni kí ó wà, kí a sì kọ ọjọ́ tí a rà á sí ara rẹ̀. Ohun tí ó lè rọ́pò rẹ̀ wà, òun ni ọ̀nà àwọn ìyá wa: ewé ẹlú àti omi eérú tí a jẹ́ kí ó kan nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ìyẹn ń gbà, kìkì àwọ̀ aró dúdú ni ó sì ń mú jáde.

Ọ̀rá àti ìwé rìsíìtì kò gba owó, wọn kò sì wọ́n. Àkókò ni a ń fi wọ́n ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta tó, lọ́dọ̀ ẹni tí ó bá sún mọ́ ilé jù.

Àbẹ́là ni ó mú wa jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní 9 náírà nínú 100 kì í ṣe owó kékeré. Òótọ́ ni, nítorí pé àwa fúnra wa ni a fa ìlà náà, kò sí òfin tí ó sọ ibi tí kékeré parí sí. Ìlà náà kò sì dúró lójú kan. Nígbà tí iye náírà já ní 2023, ohun tí ó ń ti òkè òkun wá lè kúrò ní igun kan bọ́ sí òmíràn láàárín oṣù díẹ̀. Lẹ́yìn èyí, igun mẹ́rin yìí kò sọ ojú tí oníṣòwò fi ń wo aláró. A lè pe aró ní ọjà àdéhùn, síbẹ̀ kí oníṣòwò máa ka ẹni tí ń ra agolo méjì sí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan.

Nítorí náà ni ẹ̀gbọ́n mi àti aláró méjì mìíràn ní àdúgbò fi ń pa owó aró àti háídírọ́ọ̀sì pọ̀ báyìí. Olúkúlùkù sì ń dá ná aṣọ funfun tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, oníṣòwò wọn fúnra rẹ̀ pè wọ́n lórí fóònù pé ọjà fẹ́ wọ́n, ó sì bi wọ́n pé mélòó ni kí òun fi pamọ́ fún wọn.