Ká Kọ́ Wọn Ní Gbígbé Kí Wọ́n Tó Kọ́ Jíjù

Láti ọwọ́ Olùkọ́ Eré Ìdárayá kan, Ìbàdàn

Bí ọ̀kọ̀ bá gúnlẹ̀ tán, orí rẹ̀ á wọnú ilẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì nà sókè ní ìdagẹ̀rẹ̀, yóò kọjú sí ọ̀dọ̀ ẹni tó jù ú. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ á rí bó ṣe gùn tó, nítorí ó lé ní mítà 2. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti ojú ìlà tí wọ́n ti jù ú kì í rí gígùn yẹn rárá. Ohun tí ojú rẹ̀ ń rí kò ju ẹnu ọ̀pá tín-ínrín kan lọ, tó dà bí àmì kékeré láàárín koríko. Bí ọmọ ọdún 12 bá wá ń sáré bọ̀, tó tẹjú mọ́ ọ̀kọ̀ tirẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá tòun ló jìnnà jù, ìdí ọ̀kọ̀ ẹlòmíràn lè pàdé rẹ̀ lójú tàbí lọ́fun kó tó mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ní sáà kejì ọdún ẹ̀kọ́, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bá ń múra ìdíje láàárín ilé pupa, ilé aláwọ̀ ewé àti àwọn yòókù, àwọn olùkọ́ máa ń fi ọ̀pọ̀ àkókò kọ́ ọmọ bó ṣe máa di ọ̀kọ̀ mú, bó ṣe máa gbé ẹsẹ̀, àti bó ṣe máa ju apá. Tó bá wá kan gbígbé e padà, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń jáde: “Ẹ lọ mú un wá.” Ìhà tí àpilẹ̀kọ yìí kọ sí ọ̀rọ̀ náà ni pé ètò yẹn dorí kodò. Gbígbé ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ kọ́, ó sì yẹ kó mọ̀ ọ́n dájú kó tó ju ọ̀kọ̀ kankan.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìmọ̀ tàbí ọjọ́ orí lè dípò ètò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ní ìlú Dúsẹ́dọ́ọ̀fù ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀kọ̀ tí ọ̀dọ́ kan jù níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ gún ọ̀kan lára àwọn adájọ́ eré náà, bàbá ẹni ọdún 74, ó sì kú. Ó ti gbéra láti lọ wọn ibi tí ọ̀kọ̀ náà máa balẹ̀ sí, kó tó balẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ni. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè tètè gbéra, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á gbéra dandan, àfi tí nǹkan kan bá dá a dúró.

Ká wá fi kíláàsì kan ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ 30, olùkọ́ 1, ọ̀kọ̀ 5, àti pápá bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ tó mítà 64. Olùkọ́ náà á fi ẹfun fa ìlà ìjùkọ̀ ní mítà 10 síwájú ìlà tí òpó bọ́ọ̀lù wà lórí rẹ̀. Lórí ìlà ìjùkọ̀ yìí ni àwọn márùn-ún tó kàn á tò sí, kí mítà 4 wà láàárín ọmọ kan àti èkejì. Àwọn 25 yòókù á dúró sẹ́yìn ìlà òpó bọ́ọ̀lù. Báyìí, àwọn tó ń jù ú gba mítà 16 péré ní àárín pápá, mítà 24 sì ṣófo ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Àyè òfìfo yẹn ni ẹ̀mí ètò náà. Lójú pápá ìdíje, wọ́n máa ń fa ìlà méjì tí ọ̀kọ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí àárín wọn. Ní mítà 20 síwájú, mítà 10 péré ló wà láàárín wọn. Àwọn olùkọ́ kan máa ń gbà pé ẹni tó bá ti dúró sí ìta ìlà wọ̀nyẹn ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí a ti máa ka jíjù kún ni ìlà náà ń fi hàn, kì í ṣe ibi tí ọ̀kọ̀ lè dé. Ọ̀kọ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè dé ibikíbi.

Bí ọmọ kan bá ń lo ọwọ́ òsì, ìparí apá òsì ni kó dúró sí. Tó bá wà láàárín, ọ̀kọ̀ tirẹ̀ àti ti ẹni tó wà lápá òsì rẹ̀ á wà ní ìhà kan náà, àyè mítà 4 náà á sì dín kù. Kí olùkọ́ tún wo ọ̀nà ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ pápá ilé ẹ̀kọ́ ló jẹ́ ọ̀nà àbùjá fún àwọn ará àdúgbò, ẹni tó sì ru ẹrù lórí kò ní wo òkè. Okùn àti aṣọ pupa ni kó fi dí ọ̀nà náà ní ẹnu méjèèjì, kí ọmọ kan sì dúró ti ìkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló kàn, ibẹ̀ sì ni àwa tí à ń sọ Yorùbá ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. “Ẹ má jù ú!” ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń pariwo tí wọ́n bá rí ẹni tó ń kọjá. Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá gbé “má” lọ, tàbí tí ariwo àwọn tó ń sáré bò ó mọ́lẹ̀, ohun tó kù létí ọmọ ni “ẹ jù ú”. Àṣẹ ìdádúró ti di àṣẹ jíjù. Nítorí náà, “jù” kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu olùkọ́ lórí pápá yẹn àfi nígbà tó bá fẹ́ kí ọmọ jù ú. “Dúró!” ni kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdádúró, kí fèrè sì tì í lẹ́yìn. Fèrè náà kò gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ mìíràn, torí bí ẹnì kan bá ń fi fèrè kọ́ni ní eré sísá ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ọmọ tó ń retí fèrè láti jù ú lè gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Bí kíláàsì náà ṣe ń lọ nìyí. “Ẹ bọ́ sí ìlà”: àwọn márùn-ún á jáde, orí ọ̀kọ̀ á wà nílẹ̀. Olùkọ́ á dúró sẹ́yìn ìlà, ní ibi tó ti ń rí gbogbo wọn àti pápá, á wo ọ̀tún, á wo òsì. Á pe orúkọ ọmọ àkọ́kọ́: “Gbé e sókè.” Lẹ́yìn ìyẹn, “Jù ú.” Ọmọ kan ṣoṣo ló ń jù ú lẹ́ẹ̀kan, lórí ìdúró, láìsáré; ọ̀kọ̀ àwọn mẹ́rin yòókù kò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá jù ú tán kò ní kọjá ìlà. Á dúró síbẹ̀ títí ẹni karùn-ún á fi jù ú. Olùkọ́ á wá ka ọ̀kọ̀ tó wà lórí pápá sókè ketekete: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Bó bá ka mẹ́rin, ẹnì kan ṣì ní ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó ń lọ. Ìgbà tí iye náà bá pé ló máa tó sọ pé, “Ẹ rìn lọ gbé e.” “Rìn” wà nínú àṣẹ náà pẹ̀lú ète.

Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti máa súnmọ́ ọ̀kọ̀. Ọmọ á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdí rẹ̀, á bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀, á sì gbé e nàró kó tó fà á yọ sókè. Ẹni tó bá fà á sẹ́yìn bí ẹni ń fa okùn lè fi ìdí rẹ̀ gún ẹni tó dúró sẹ́yìn rẹ̀ níkùn. Á gbé e bọ̀ ní òró, kí orí wà nísàlẹ̀, níwájú ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ jù ú padà, bó ti wù kó súnmọ́ tó.

Ilẹ̀ wa tún ní ìṣòro tirẹ̀. Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, ilẹ̀ ti gbẹ dé ibi pé ọ̀kọ̀ kì í gún un. Á ta á dànù, á sì máa yọ̀ lọ lórí ilẹ̀ bí ejò. Ọmọ tó ti rí i pé ọ̀kọ̀ kan ilẹ̀ á rò pé ó ti tán. Kò tíì tán títí yóò fi dúró jẹ́ẹ́, òun sì ni ìdí mìíràn tí kíkà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìrìn.

Dísíkọ́ọ̀sì, irin pẹlẹbẹ tó dà bí àwo, le jù láti ṣètò, torí kì í ṣe iwájú nìkan ló máa ń lọ. Bó bá tètè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún rẹ̀ ló ń gbà lọ. Ti ọlọ́wọ́ òsì á gba òsì. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà níwájú, kí gbogbo àwọn yòókù wà lẹ́yìn dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì wà ní ìhà ọwọ́ tó fi ń jù ú. Lórí pápá ìdíje, àwọ̀n tó ga tó mítà 4 ó kéré tán ló ń yí ẹni tó ń jù ú ká. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá ní àwọ̀n kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ ní yíyí. Lórí ìdúró ni kí jíjù náà mọ. Bí ìrì bá wà lórí koríko, kí wọ́n fi àkísà gbígbẹ nù ún kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó dì í mú.

Ṣọ́ọ̀tì, irin róbótó tí à ń tì láti ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ń tan ènìyàn jẹ nítorí pé kì í lọ jìnnà. Kílógíráàmù 2 tàbí 3 tó fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀. Ti àgbà ọkùnrin jẹ́ 7.26, ti obìnrin jẹ́ 4. Ewu rẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó máa balẹ̀ sí, àti ọmọ tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ dá a dúró bó ṣe ń yí. Kó yí títí yóò fi dúró. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi gbé e padà, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ fún ẹni tó kàn, kì í ṣe pé kí wọ́n nà án sí i lọ́wọ́.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí ètò yìí ni ti àkókò. Òtítọ́ sì ni. Bí ìyípo kan bá gba ìṣẹ́jú 2, ìṣẹ́jú 30 á gba ìyípo 15, ìyẹn jíjù 75 fún ọmọ 30. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni ọmọ kọ̀ọ̀kan á jù ú. Ṣùgbọ́n ojútùú kò sí nínú jíjẹ́ kí ẹni tó bá ti ṣetán máa jù ú fúnra rẹ̀. Ó wà nínú bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí gbogbo kíláàsì máa ju bọ́ọ̀lù rírọ̀ kọjá okùn tí a so mọ́ òpó, pẹ̀lú àṣẹ kan náà, kíkà kan náà, àti ìrìn kan náà. Apá wọn á jù ú lọ́pọ̀ ìgbà, àṣẹ náà á sì ti mọ́ wọn lára kí irin tó dé ọwọ́ wọn. Ọmọ tó sáré lọ gbé bọ́ọ̀lù ṣáájú àṣẹ kò tíì yẹ fún ọ̀kọ̀.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ máa ń béèrè nígbà tí ọjọ́ ìdíje bá ti súnmọ́: kí ọ̀kọ̀ máa lọ ní apá kan, kí dísíkọ́ọ̀sì máa lọ ní apá kejì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ní ìlú Pálà ní ìpínlẹ̀ Kẹ́rálà ní Íńdíà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣèrànwọ́ níbi jíju ọ̀kọ̀ ni òòlù onírin láti ibi ìdíje mìíràn bà lórí. Wọ́n ń ṣe ìdíje méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ọmọ náà kú lẹ́yìn náà ní ilé ìwòsàn. Olùkọ́ tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà lórí pápá, ojú rẹ̀ kò lè ka ọ̀kọ̀ márùn-ún níwájú kó sì máa ṣọ́ irin mìíràn tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Kí dísíkọ́ọ̀sì wà nínú àpótí títí ọ̀kọ̀ karùn-ún á fi padà sí ẹ̀yìn ìlà.