Ọdún Àtúntẹ̀ Kì Í Ṣe Ọdún Ẹ̀rí

Nínú àwọn ìwé pẹlẹbẹ tí à ń rí lórí oyè àti ìran ọba ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́, àṣìṣe kan wà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àṣà. Òǹkọ̀wé a mẹ́nu ba ohun tí Samuel Johnson sọ nípa àwọn ọmọ Odùduwà, a sì kọ "Johnson 2010" tì í. Bẹ́ẹ̀ Johnson ti kú láti ọdún 1901. Ọdún 2010 ni ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Kémbíríìjì tún ìwé rẹ̀ tẹ̀. Ọdún 1921 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde. Ọ̀rọ̀ náà ìbá pa ni lẹ́rìn-ín, bí kò bá ṣe pé ìwé yìí gan-an ni wọ́n fi ń jà nítorí ipò ọba.

Nínú ìtò Johnson, obìnrin ni ọmọ kejì, òun ni ó sì bí Alákétu. Oníṣábẹ ni ó wà ní ipò karùn-ún. Nígbà tí àríyànjiyàn bá dé lórí ta ni ẹ̀gbọ́n ta, ìtò yìí ni ẹnu àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ sí. Ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni pé: ọ̀dọ̀ ta ni Johnson ti gbọ́ ọ? Ọdún ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn.

Ẹ wò ó báyìí. Geoffrey Parrinder tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Kétu jáde ní 1956. Òǹkọ̀wé tí ó bá to àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ ní ṣísẹ̀-ń-tẹ̀-lé ọdún yóò kọ "(Parrinder 1956, Johnson 2010)". Kí ni òǹkàwé yóò rò? Yóò rò pé Johnson ni ó jẹ nínú àwo Parrinder, pé ẹ̀rí kan ṣoṣo ni méjèèjì. Alátakò yóò sì gbá a mú: "Ẹ kò rí i pé ó kàn dà á kọ ni?" Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ọdún márùndínlógójì ni ìwé Johnson fi ṣáájú ti Parrinder. Ẹni tí ó fẹ́ gbèjà ìlú rẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹlẹ́rìí rẹ̀ jẹ́.

Òdìkejì rẹ̀ tún burú jù ú lọ. Bí ẹnì kan bá kọ Johnson 1921, tí ẹlòmíràn kọ 1976, tí ẹ̀kẹta kọ 2010, ẹni tí ó ń kó wọn jọ lè pè wọ́n ní ẹ̀rí mẹ́ta tí ó fohùn ṣọ̀kan. Ìwé kan ṣoṣo ni, ẹ̀dà rẹ̀ ni ó pọ̀.

Àwọn kan ń wí pé ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ ẹni ni ó tọ́ kí a kọ. Wọ́n sọ ìdajì òtítọ́. Ẹni tí ó ka ẹ̀dà 2010, tí ó wá kọ 1921 nìkan, ń díbọ́n pé òun rí ìwé tí òun kò rí. Bí ilé ìtẹ̀wé bá sì ti to ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ́tun, ojú ìwé tí ó tọ́ka sí lè má bá ti àtijọ́ mu. Nítorí náà, ọdún méjèèjì ni kí a kọ:

```
Johnson ([1921] 2010)
```

Èyí tí ó wà nínú àkámọ́ onígun sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jáde. Èyí tí ó tẹ̀ lé e sọ ẹ̀dà tí a ṣí. Kò ṣòro láti rí i: ẹ̀yìn ojú ìwé àkọlé ni ó sábà máa ń wà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti tún inú ìwé ṣe, tí ó fi kún un tàbí tí ó yọ kúrò, kì í ṣe àtúntẹ̀ lásán mọ́. A kò lè fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà sí abẹ́ ọdún àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, ti Johnson kò parí sí 1921. Ọjọ́ tí ó kọ sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú tirẹ̀ jẹ́ 1897. Wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Ìlú Òyìnbó ní 1899, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Obadiah, àbúrò rẹ̀, jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Obadiah náà kú ní 1920, ìwé kò tíì jáde. Ẹni tí ó bá ń wí pé ohùn 1897 ni òun ń gbọ́ gan-an ti sọ àsọdùn, ẹni tí ó sì pè é ní ìtàn ọdún 1921 ti jẹ Samuel níyà. Àkámọ́ kò lè gba gbogbo èyí. Inú gbólóhùn ni kí òǹkọ̀wé ti sọ ọ́, kí ó tó gbé ìtò àwọn ọmọ Odùduwà síwájú àwọn àgbà láti fi ṣe ìdájọ́.