Owó Ẹyọ Tàbí Owó Wákàtí: Ta Ló Ń Ru Ẹrù Ìdúró?

Bí àgbẹ̀ bá pe alágbàṣe wá sí oko, ọ̀nà méjì ni ó lè gbà san owó rẹ̀. Ó lè san owó òòjọ́ fún un, láìka iye ebè tí ó kọ sí. Ó sì lè ka ebè náà ní igba-igba, kí ó san owó lórí igba kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà méjèèjì yìí náà ni ilé iṣẹ́ ń lò. Ẹ jẹ́ kí a pe ọ̀kan ní owó wákàtí, kí a pe èkejì ní owó ẹyọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló fẹ́ràn owó ẹyọ, nítorí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá yóò gbà ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa: bí iṣẹ́ bá dúró, ta ni àdánù rẹ̀ yóò já lé lórí? Lábẹ́ owó wákàtí, ọ̀gá ni. Lábẹ́ owó ẹyọ, òṣìṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní aránṣọ kan wà ní ilé iṣẹ́ tí ń rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. ₦400 ni wọ́n ń san lórí ẹ̀wù kan, ó sì lè rán mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Lójú rẹ̀, ₦1,200 ni ó ń gbà ní wákàtí. Ilé iṣẹ́ kejì fẹ́ san ₦900 fún un ní wákàtí, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ó lo wákàtí 40 ní ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iná lọ, ẹ̀rọ bàjẹ́, aṣọ gígé kò sì tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wákàtí 11 ni ó fi jókòó láìrí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n tún dá àwọn ẹ̀wù kan padà pé ojú rírán wọn kò dára. Ó fi wákàtí 2 tú wọn, ó sì tún wọn rán láìgba kọ́bọ̀ kún un. Wákàtí 27 péré ni ó ṣẹ́kù. Ẹ̀wù 81 ni ó rán, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦32,400. Bí a bá pín in sí wákàtí 40, ₦810 ni ó bọ́ sí. Ilé iṣẹ́ kejì ì bá ti san ₦36,000 fún un.

Bí ó bá jẹ́ pé wákàtí 2 àtúnṣe nìkan ni ó sọnù, ẹ̀wù 114 ni ì bá rán, ì bá sì gba ₦45,600. Ibi tí owó méjèèjì ti bá ara wọn dọ́gba ni ẹ̀wù 90, ìyẹn iṣẹ́ wákàtí 30. Nítorí náà, bí ohun tí ó ń sọnù bá ju wákàtí 10 lọ lọ́sẹ̀, owó wákàtí ló sàn fún un.

Lóko, ilẹ̀ ló ń ṣe ohun tí iná ń ṣe ní ilé iṣẹ́. Igba ebè lórí ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ kò rí bí igba ebè lórí ilẹ̀ líle. Alágbàṣe tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wo ilẹ̀ kí ó tó dá iye.

Òfin pàápàá kò rí ọ̀nà méjèèjì bákan náà. Ní Nàìjíríà, òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ti ọdún 2019, tí àtúnṣe ọdún 2024 gbé owó rẹ̀ dé ₦70,000, yọ àwọn tí ń gba owó ẹyọ sílẹ̀, ó sì yọ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà irú ti oko sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọ̀gá bá ti dá wákàtí iṣẹ́ fún òṣìṣẹ́, iye owó tí òfin là sílẹ̀ gbọ́dọ̀ pé lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ ni wọ́n ń kà. Ẹni tí ọ̀gá kò mọ wákàtí rẹ̀, irú ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nílé ara rẹ̀, nìkan ni wọ́n lè dá iye ẹyọ fún. Wọn yóò kọ́kọ́ wo iye tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣe ní wákàtí kan ní ìpíndọ́gba, wọn yóò pín in sí 1.2, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀ díẹ̀ má bàa pàdánù. Bí ìpíndọ́gba bá jẹ́ 12, yóò di 10. Ìdá mẹ́wàá owó wákàtí ni wọn yóò sì san lórí ẹyọ kan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba iṣẹ́ ẹyọ ní tiwa gbọ́dọ̀ dáàbò bo ara rẹ̀. Kí ó béèrè ta ni yóò ka iṣẹ́, ta ni yóò ra òwú, àti ohun tí wọ́n ń san bí iná bá lọ. Kí ó sì kọ àkókò tí ó dé àti àkókò tí ó kúrò sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo wákàtí náà ni kí ó fi pín owó rẹ̀, títí kan èyí tí ó fi jókòó lásán. Iye tí ó bá jáde ni owó iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.