Ẹ̀yin Ọmọ Tó Wà Lókè Òkun, Ẹ Fi Ohùn Ránṣẹ́ Tẹ̀lé Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, láti Arámọko dé Ìjerò, títí dé Ẹ̀fọ̀n, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ kọ́ ni mo fẹ́ sọ lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ni, èyí tí a fi ń wọn ìfúnpá nílé, tí àwa ń pè ní bíípíì. Ohun tí ojú mi rí nínú ilé tèmi ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ọmọ wa obìnrin tó wà ní Mánṣẹ́sítà ló fi ẹ̀rọ yìí rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tipẹ́, inú wọn sì dùn sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n so aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ orí bùbá, apá wọn rọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń bá àlejò sọ̀rọ̀, wọ́n tẹ bọ́tìnì. Ó gbé 178 lé 102 jáde. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní oògùn kan ò tó mọ́, àwọn yóò gbé méjì mì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní ẹ jẹ́ ká pe ọmọ ná.

Ọmọ náà ò pariwo. Ó ní kí n ya fọ́tò bàbá òun bí wọ́n ṣe wọ ẹ̀rọ náà, kí n fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Nígbà tó rí i, ó fi ohùn ránṣẹ́ padà. Kì í ṣe ẹyọ kan gígùn o. Méje ni, kékeré kékeré, iṣẹ́ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ ọ̀kan, ẹ ṣe é tán, kí ẹ tó tẹ èyí tó kàn." Bí mo ṣe gbọ́ wọn nìyí:

Èkíní: "Bàbá, ẹ lọ tọ̀ ná. Bí ìtọ̀ bá kún inú, ó máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, tàbí ẹ mu kọfí, ẹ fi 30 ìṣẹ́jú sinmi."

Èkejì: "Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹ fara tì í. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kí ẹ fi ìrọ̀rí sí abẹ́ rẹ̀, kí aṣọ ẹ̀rọ náà lè bá àyà yín dọ́gba."

Ẹ̀kẹta: "Ẹ yọ apá kúrò nínú bùbá. Ara ni aṣọ ẹ̀rọ náà ń kàn, kì í ṣe ẹ̀wù. Ẹ so ó sókè ìgúnpá ní ìwọ̀n ìka méjì, kí ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ wà ní inú apá, kí ó dojú kọ àtẹ́lẹwọ́. Kó má fún jù, kó má sì dẹ̀."

Ẹ̀kẹrin: "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa rédíò."

Ẹ̀karùn-ún: "Ẹ tẹ START. Yóò fún yín lápá, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má mira. Bó bá kọ Err, ẹ tú u, ẹ sinmi, ẹ tún un so."

Ẹ̀kẹfà: "Èyí tó wà níwájú SYS ni ti òkè, èyí tó wà níwájú DIA ni ti ìsàlẹ̀. PUL ni iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì."

Èkeje: "Láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn, àti lálẹ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 7. Bàbá, ẹ má fi kún oògùn, ẹ má sì yọ nínú rẹ̀. Dókítà ló ni ìyẹn."

Bàbá ṣe gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àkọ́kọ́ jẹ́ 146 lé 88, èkejì jẹ́ 142 lé 86. Ẹ wò ó o. Ọkùnrin kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ọjọ́ kan náà, oògùn kankan ò kọjá ọ̀nà ọ̀fun. Oko tí wọ́n ti dé, bùbá tó wà lábẹ́ aṣọ ẹ̀rọ, apá tó rọ̀ sílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ló gbé ìyókù wá. Ká ní wọ́n gbé méjì mì ni, òòyì ìbá kọ́ wọn, wọn ìbá ṣubú.

Nígbà tí ọjọ́ 7 pé, ọmọ ní ká yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, torí ara ò tíì mọ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ó ku ọjọ́ 6, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ìyẹn 24. Mo ro nọ́ńbà òkè pọ̀, ó jẹ́ 3,456. Mo fi 24 pín in, ó di 144. Ti ìsàlẹ̀ di 86. Nílé, bí ó bá ti tó 135 lé 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ga nìyẹn. Ní ọ́fíìsì dókítà, 140 lé 90 ni wọ́n ń lò, torí àyà máa ń já ẹni níbẹ̀. Nítorí náà, bàbá ò wà nínú ewu ọjọ́ yẹn bí 178 ṣe wí, ṣùgbọ́n wọn ò sì gbádùn tó bí wọ́n ṣe rò. A gbé ìwé náà lọ bá dókítà, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì yí oògùn wọn padà.

Àṣìṣe kejì wà tí mo ń rí lọ́jà wa. Ẹlòmíì yóò rí 118, yóò ní òun ti gbádùn, yóò sì ju oògùn nù. Ẹ jọ̀ọ́, oògùn yẹn gan-an ló sọ ọ́ di 118. Àìsàn yìí kì í sábà dunni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó tó di olóògbé ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àìdunni rẹ̀ ló ń tàn wá jẹ.

Ẹlòmíì á ní kí ọmọ kúkú pè, kí wọ́n máa wo ojú ara wọn. Èmi ò gbà. Nẹ́tíwọ́kì ibí a máa já, àgbà a sì máa gbàgbé. Ohùn tó wà lórí fóònù, bàbá ṣì ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́ láràárọ̀. Nítorí náà ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín: kí wọ́n béèrè fọ́tò, kí wọ́n sọ èdè wa, iṣẹ́ kan nínú ohùn kan. Kí wọ́n tó rà á, kí wọ́n béèrè bí apá ṣe tóbi tó. Aṣọ tó wọ́pọ̀ jẹ́ ti apá tó jẹ́ 22 sí 32 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ní kí aránṣọ fi téèpù wọn agbede apá yín lókè ìgúnpá. Bó bá ju 32 lọ, aṣọ ńlá ni kí wọ́n rà, torí aṣọ kékeré yóò purọ́ sókè.

Bí ẹnikẹ́ni bá sinmi, tó tún un wọ̀n, tó ṣì rí 180 lé 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyà ń dùn ún, tí èémí ò já geere, tí ẹnu wọ́, tàbí tí apá kan rọ, ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ mọ́. Ẹ wá ọkọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó tàbí Adó.

Àbá mi ni pé bí ẹgbẹ́ wa bá ra ẹ̀rọ yìí, kó má máa ti ìsọ̀ kan dé ìsọ̀ kejì, níbi tí ìyá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù iṣu kalẹ̀, tó sì ń ná ọjà lọ́wọ́. Gbọ̀ngàn ìpàdé ni kó wà, pẹ̀lú àga tó ní ẹ̀yìn, tábìlì àti ìwé. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé ẹgbẹ́.